Ẹ bá mi wo lẹ́tà ìkíni tí mo fẹ́ tì sábẹ́ ilẹ̀kùn àwọn ará ilé wa (Rọ́tadáàmù)

Kọ́lá_Rọ́tà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé fúláàtì tuntun ní gúúsù Rọ́tadáàmù, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Àjà kẹta la wà. Ìdílé mẹ́jọ ló ń lo àtẹ̀gùn kan náà, a ò sì tíì mọ ẹnì kankan nínú wọn àfi màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lábẹ́ wa gan-an. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọn á dáhùn ìkíni wa, wọn á wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ilé fúnni níbí, ìhòòhò ni wọ́n gbé e fún wa. Kọnkéré lásán ló wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ a máa tẹ́ láminéètì, a ó sì lu ògiri láti fi kọ́tìnnì kọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n kọ lẹ́tà kékeré ní èdè Dọ́ọ̀ṣì, kí n tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí:

> Geachte buren,
> Ik ben opgewonden om jouw nieuwe buurman te zijn. Wij hebben twee kinderen, sorry voor alle lawaai. Als u heeft een probleem, kom naar ons en niet naar de politie.
> Nummer 34

Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́la. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé abẹ́ ilẹ̀kùn náà ni kí n tì í sí, àbí kí n sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀?

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Lẹ́tà kọ́ ló ṣe pàtàkì jù o. Ẹ yára lọ fi àdírẹ́sì tuntun yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lè ṣe é láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kó, ó pẹ́ tán ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Orí ayélujára lẹ ti máa ṣe é, wọn ò nílò lẹ́tà kankan lọ́wọ́ yín.

Kọ́lá_Rọ́tà

A ti ṣe ìyẹn sà, ẹ ṣeun. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ni mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe ìjọba.

Mọ̀rẹ́nikẹ́

Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde!

Ẹ jẹ́ n mú un láti òkè. Tí ẹ bá ní “Geachte”, lẹ́tà yín ti dà bí èyí tó wá láti ọ́fíìsì owó orí. “Beste buren” ni wọ́n ń kọ síra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, “opgewonden”. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ pé inú yín dùn, àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná fún ọ̀rọ̀ yàrá, ni Dọ́ọ̀ṣì ń pè bẹ́ẹ̀. Fojú inú wo màmá ìsàlẹ̀ yín níbi tí wọ́n ti ń ka ìyẹn pẹ̀lú awò ojú wọn. Ẹ yọ gbólóhùn náà kúrò pátápátá, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn dípò rẹ̀. Àwọn ará ibí ò retí kí àjèjì máa dúpẹ́ pé òun di ará ilé wọn. Ẹni tó kó dé àti yàrá tó wà ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

“Sorry voor alle lawaai” náà kò dáa. Ẹni tó bá kà á á rò pé ariwo tí kò lópin ló ń bọ̀, pé ẹ sì ti tọrọ àforíjì tán lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ rẹ̀, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru á lè lọ sùn síbòmíràn lọ́jọ́ náà. Kí ẹ kọ Sátidé nìkan kò tó o. Lẹ́tà lè dùbúlẹ̀ nínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá kà á kò ní mọ Sátidé wo.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn ni mo wá bá o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹ fẹ́ máa ṣe nínú ilé náà.

Ìkíni, ta lẹ jẹ́, kí ló ń bọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa rí yín. Ó parí. Èyí tí èmi ì bá kọ rè é:

> Beste buren,
>
> Wij zijn de nieuwe bewoners van nummer 34, op de derde verdieping: Kọ́lá, Bísí en onze twee kinderen van 6 en 3.
>
> Op zaterdag 14 juni leggen wij tussen 10.00 en 16.00 uur de vloer en moeten wij boren. Daarna is het weer rustig.
>
> Heeft u last van ons? Bel gerust bij ons aan.
>
> Met vriendelijke groet,
> Kọ́lá en Bísí, nummer 34

Mo kàn fi orúkọ ìyàwó àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ méfò ni, ẹ fi tiyín sí i. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá àjà kẹta lẹ wà lóòótọ́. Wọn kì í ka ilé tó wà nílẹ̀ mọ́ ọn níbí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ gùn kí ó tó jẹ́ “derde”.

Ọmọ Àwórì

Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àpótí tí wọ́n lẹ sítíkà NEE NEE mọ́. Òfin ni o. Ẹ ò lè sọ nǹkan tí kò ní orúkọ àti sítáǹbù sínú rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ sanwó ìtanràn. Nínú ilé mẹ́jọ, ó dájú pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ní in. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ tì í sí.

Túndé Alẹ́tà

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àwórì, ẹ sọ ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa pín lẹ́tà láti ilé dé ilé, sítíkà yẹn ni mo ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. NEE NEE túmọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ ìwé ìpolówó ọjà tí kò ní àdírẹ́sì, wọn ò sì fẹ́ ìwé ìròyìn àdúgbò tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. NEE JA ní tirẹ̀ fẹ́ ìwé ìròyìn, kò fẹ́ ìpolówó. Ní Amsitadáàmù, láti 2018, wọ́n yí i po. Ẹni tó bá fẹ́ ìpolówó ló gbọ́dọ̀ lẹ JA JA. Kò sí èyí tó kan lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ará ilé ẹni nínú gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n má bàa rò pé ìpolówó ni, ẹ ká ìwé náà sí méjì, kí ẹ fi bírò kọ “Voor de bewoners van nummer 30” sí i lára, kí ẹ yí nọ́ńbà padà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé bá tàn yanranyanran bíi ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan á jù ú nù láìkà á.

Ní ti abẹ́ ilẹ̀kùn, èmi ò gbà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tún ṣe ní rọ́bà nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí rọ́bà náà fara pamọ́ sínú igi ilẹ̀kùn, tí ẹ bá pa á dé ló máa ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ti ìwé síbẹ̀, á wó jọ, ìdajì á yọ síta. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ á kó o lọ, ẹ̀yin á sì máa rò pé wọ́n ti kà á. Ẹ dán an wò lára ilẹ̀kùn tiyín, kí ẹnì kan dúró sínú. Bí ìwé ò bá wọlé tán, àpótí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lò. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo lẹ́tà wọn. Fúláàtì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ìta gbangba lórí báńkóònì gígùn yàtọ̀. Ihò lẹ́tà máa ń wà lára ilẹ̀kùn ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Àwórì

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti sítíkà. Ṣùgbọ́n ilé tí mo ń gbé, àpótí kan wà tó kún tí wọn ò ṣí láti ìgbà ọdún. Ẹni yẹn ńkọ́?

Túndé Alẹ́tà

Ẹni yẹn lẹ máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àdùkẹ́ Oníyán

Ẹ̀yin ń sọ ti láminéètì, kò sẹ́ni tó sọ ti odó. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gún iyán. Lẹ́tà ìkíni tí mo kọ nígbà tí a kó wọ ilé wa ní Áláméèrè dùn-ún kà, ọmọ mi tó ń lọ síléèwé ló bá mi kọ ọ́. N kò dárúkọ iyán níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin abẹ́ wa gòkè wá pẹ̀lú ojú tó le, ó ní ta ló ń fi òòlù lu ilé òun lórí. Mo ní mo ti pa fèrèsé dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ariwo náà kò gba fèrèsé wọlé, inú kọnkéré ló ń gbà wá.

Òótọ́ ló sọ. Ariwo orin ń gba inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ti odó ń ti ara ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè dún lábẹ́ ju bó ṣe ń dún létí ẹni tó ń gún un. Mo wá ra fóòmù tó nípọn àti rọ́bà dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Rọ́bà ló wà nísàlẹ̀, fóòmù lórí rẹ̀, odó wá jókòó lórí wọn. Mi ò gún un láàárín yàrá mọ́, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó gbé ilé dúró ni mo gbé e lọ, níbi tí ilẹ̀ ò ti ń mì. Agogo méjì ọ̀sán ni mo ń gún un báyìí, kì í ṣe àárọ̀ Àìkú tí wọ́n ṣì ń sùn. Ó ṣì ń gbọ́ ọ, ó ní ó ti dínkù. Bí ẹ bá máa gún iyán, ẹ kọ ọ́ sí i.

Mọ̀rẹ́nikẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ n kò ní kọ odó sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ o. Ẹni tí kò rí odó rí, àlàyé rẹ̀ á gùn ju lẹ́tà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ojú Kọ́lá ná.

Túndé Alẹ́tà

Ṣé ẹ ti ka ìwé àdéhùn ilé yín dáadáa, Kọ́lá? Lẹ́tà ò ní gbà yín tí ilẹ̀ tí ẹ tẹ́ bá ń dún lórí màmá yẹn lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ayálégbé àti ẹgbẹ́ onílé ló ń béèrè pé ohun tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ láminéètì gbọ́dọ̀ dín ìró ẹsẹ̀ kù ní désíbẹ̀lì 10 ó kéré tán. A máa ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Èyí tó rọ̀ jù lówó kì í sábà ní in. Ẹ ya fọ́tò páálí náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Tí ẹ bá ń tẹ́ ẹ, ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà 8 sí 10 sílẹ̀ láàárín igi àti ògiri yíká. Láminéètì máa ń wú. Bó bá sì fara kan ògiri, ìró ẹsẹ̀ á gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, owó tí ẹ fi ra ohun abẹ́ rẹ̀ á wọmi. Ẹ̀gbọ́n mi ni kápẹ́ńtà tó kọ́ mi.

Kọ́lá_Rọ́tà

Páálí tó wà nílẹ̀ níbí kọ désíbẹ̀lì 18 sára, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá irú ìdíwọ̀n kan náà ni. Mo máa fi hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ ìyàwó mi kì í ṣe Bísí, Mọ̀rẹ́nikẹ́, ó ti bínú sí mi díẹ̀ pé ta ni Bísí!

Bọ̀dá Fẹ́mi

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kàn ń fi ìwé ṣeré. Ìwé kì í kíni. Yorùbá lẹ jẹ́. Ẹ wọṣọ, ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí wọn. Bí a ṣe ṣe é nígbà tí mo dé Dẹ́n Háàgì nìyẹn, gbogbo ilé ló mọ orúkọ mi.

Mọ̀rẹ́nikẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fara mọ́ ọn ní ti màmá tó wà lábẹ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n lọ bá, torí òun ni iṣẹ́ náà máa kàn jù. Ṣùgbọ́n aago tí wọ́n máa lọ ṣe pàtàkì. Aago mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ìdílé níbí ń jẹun alẹ́. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn ní aago yẹn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dá yín dúró sí, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ yín. Lẹ́yìn aago méje, tàbí ọ̀sán Sátidé. Kí wọ́n mú lẹ́tà náà lọ́wọ́, kí wọ́n fi í lé màmá lọ́wọ́. Bí wọn ò bá bá a nílé, kí wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí.

Bọ̀dá Fẹ́mi

Mẹ́fà náà ni mo lọ, wọ́n sì fún mi ní kọfí.

Adúnní Áńtíwẹ́ẹ̀pù

Ẹ má gbàgbé àwa tí a wà ní Bẹ́ljíọ̀mù. Dọ́ọ̀ṣì kan náà là ń sọ ní Áńtíwẹ́ẹ̀pù, “Beste buren” náà la máa ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń kọ “mobiel” sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù, “gsm” ni tiwa. Lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, tí ẹ bá ti fi àdírẹ́sì sílẹ̀, ọlọ́pàá àdúgbò á wá wò bóyá ibẹ̀ lẹ ń gbé lóòótọ́, á sì wo orúkọ tó wà lára bẹ́ẹ̀lì. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ bẹ́ẹ̀lì àti àpótí kí ẹ tó pín lẹ́tà kankan. Ó pọn dandan fún wa, bẹ́ẹ̀ ni ó wúlò fún Kọ́lá náà. Ará ilé tó bá gba páálí yín lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù kiri á mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ẹ máa kọ nọ́ńbà fóònù? Èmi ò kọ ọ́ o. Ẹni mẹ́jọ tí mi ò mọ̀ rí, kí wọ́n máa pè mí láago mọ́kànlá alẹ́?

Túndé Alẹ́tà

Ẹ kọ ọ́. Tí omi bá ń jò láti ilé yín sórí ẹni ìsàlẹ̀, tí ẹ sì wà níbi iṣẹ́, kí ló máa ṣe? Á kan ilẹ̀kùn títí, á wá pe àwọn tó máa fọ́ ọ.

Adúnní Áńtíwẹ́ẹ̀pù

Ẹni ìsàlẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fún nígbà náà. Kì í ṣe gbogbo ilé.

Mọ̀rẹ́nikẹ́

Àwọn tí mo mọ̀ ń ṣe é lóríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ ilé ní ẹgbẹ́ Wáàsáàpù, bí wọ́n bá ti fà yín wọ ibẹ̀, gbogbo wọn á rí nọ́ńbà yín náà. Àmọ́ n kò ní kọ ọjọ́ tí ẹ ò ní sí nílé tàbí aago tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ dé sínú lẹ́tà o, ibi yòówù kí ẹ fi nọ́ńbà sí.

Àdùkẹ́ Oníyán

Mọ̀rẹ́nikẹ́, mo fẹ́ bi yín. “Daarna is het weer rustig” tí ẹ kọ yẹn, ìyẹn ni pé lẹ́yìn iṣẹ́ náà ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta? Ilé wo?

Mọ̀rẹ́nikẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀! Ẹ fi “Daarna zijn wij klaar met boren” rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ ò ní lu ògiri mọ́, ohun tí ẹ lè mú ṣẹ nìyẹn.

Kọ́lá_Rọ́tà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ọ́ lọ́wọ́, mi ò tẹ̀ ẹ́, mo ti fi orúkọ ìyàwó mi gan-an sí i. A dán ilẹ̀kùn wa wò pẹ̀lú rẹ̀: ìwé wọ ìdajì, ó dúró. Nítorí náà inú àpótí ni méje máa lọ, ti màmá ìsàlẹ̀ ni a máa mú lọ fúnra wa lọ́la lẹ́yìn aago méje. Nọ́ńbà fóònù wà lórí ti màmá nìkan. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà ní kí n kọ “jullie” dípò “u” ti ọ̀wọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì òun.

Ọmọ Àwórì

Ẹ gbọ́ ti ọmọ. Ìlú wọn ni.

Mọ̀rẹ́nikẹ́

Ti àwọn méje, ẹ lè kọ “Hebben jullie last van ons?”, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ti màmá, “u” ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣáà ṣọ́ kí ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Bọ̀dá Fẹ́mi

Kí ló dé tí ẹ ò kàn kọ mẹ́jọ gbogbo rẹ̀ ní “u”? Ọ̀wọ̀ kì í pọ̀ jù.

Túndé Alẹ́tà

Ìgbà tí mo fi “u” pe ọmọ ogún ọdún kan lẹ́nu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn bóyá bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀. Kọ́lá, ẹ pín in kó tó di ọjọ́ Ajé o. Iṣẹ́ Sátidé tí wọ́n bá ka lẹ́tà rẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì kò ní fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru láyè láti wá ibi tó máa sùn.